Ìlà Láàrin Òkúta: Iṣẹ́ Ọwọ́ Tó Wà Lábẹ́ Iye Owó Wúrà

Ní ibi ìwakùsà wúrà tí wọ́n là sílẹ̀ gbayawu, ojú lásán kò lè fi òkúta tó ní wúrà mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò ní. Tọ́ọ̀nù kan òkúta tí wọ́n kà sí dáadáa lè má ní ju gíráàmù méjì wúrà lọ, gíráàmù méjì náà á sì ti fọ́n ká sínú rẹ̀ wẹ́wẹ́ débi pé kò sẹ́ni tó lè rí i. Àwọ̀ kan náà ni, eruku kan náà ni. Síbẹ̀ ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ lójoojúmọ́ èyí tí tírọ́ọ̀kì yóò gbé lọ sí ilé ìlọ̀ àti èyí tí yóò lọ dà sórí òkìtì àdànù. Onímọ̀ òkúta tó ń ṣọ́ ìwọ̀n wúrà ló ni iṣẹ́ yẹn. Tí àwọn oníṣòwò bá ń sọ pé owó wúrà ní ìtẹ́lẹ̀ kan tí kì í fẹ́ wálẹ̀ kọjá, ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìtẹ́lẹ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kí a wo iṣẹ́ náà dáadáa, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò máa rò pé ìtẹ́lẹ̀ yìí le bí àpáta.

Kí wọ́n tó fọ́ òkúta, wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́ ihò sí i lára létòlétò, ihò kan sí èkejì lè má ju mítà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Inú ihò wọ̀nyẹn ni ohun abúgbàmù yóò wọ̀, ṣùgbọ́n lulúù tó ti inú wọn jáde kò gbọ́dọ̀ ṣòfò. Wọ́n á bù nínú ti ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á so nọ́ńbà mọ́ ọn, wọ́n á sì gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti yọ́ ọ nínú iná pẹ̀lú èròjà òjé. Òjé yẹn ni yóò kó wúrà mọ́ra. Wọ́n á wá lé òjé náà kúrò títí tí yóò fi ku ilẹ̀kẹ̀ kékeré kan tó jẹ́ wúrà àti fàdákà, èyí tí wọ́n lè wọ̀n. Nígbà tí àbájáde gbogbo ihò bá dé, onímọ̀ òkúta á tò wọ́n sórí àwòrán ilẹ̀, á wá fa ìlà: inú ibí yìí, ilé ìlọ̀, inú ibi tọ̀hún, àdànù, àárín méjèèjì, kí wọ́n kó o pamọ́ títí owó yóò fi dára.

Iṣẹ́ kò tíì parí. Nígbà tí ohun abúgbàmù bá dún, òkúta á ṣí kúrò ní ipò rẹ̀, ó lè rìn ní mítà mélòó kan, orí rẹ̀ kì í sì í rìn bákan náà pẹ̀lú ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìlà tí wọ́n fà lánàá ti di irọ́ nìyẹn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń ju ẹ̀rọ kékeré bíi bọ́ọ̀lù sínú àwọn ihò kan tí wọ́n gbẹ́ sọ́tọ̀ ṣáájú ìbúgbàmù. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi ẹ̀rọ míràn wá a, wọ́n á mọ ibi tó sún dé, wọ́n á sì sún ìlà tẹ̀lé e. Lẹ́yìn èyí ni àwọn awọnlẹ̀ á ta okùn aláwọ̀ sórí òkìtì kí awakọ̀ katapílà lè mọ ibi tí òun máa dẹ́kun. Bí ìlà bá yẹ̀ ní mítà kan péré, òkúta asán á wọ ilé ìlọ̀, òkúta oníwúrà á sì lọ sórí àdànù. Iná mànàmáná tí wọ́n fi lọ òkúta asán àti sáyánáìdì tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ kò dínkù, àmọ́ wúrà tó jáde dínkù. Ibẹ̀ ni ìnáwó orí áúnsì kan ti ń ga sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ná kọ́bọ̀ lé e.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka ìnáwó náà? Láti 1996 ni àwọn ilé iṣẹ́ ti ní ìlànà kan tí wọ́n fi ń sọ ohun tí áúnsì kan ná wọn, ṣùgbọ́n owó ojúmọ́ nìkan ló kà: owó òṣìṣẹ́, epo, iná, kẹ́míkà, owó ìṣákọ́lẹ̀ fún ìjọba tàbí onílẹ̀. Kò ka tírọ́ọ̀kì tuntun tí yóò rọ́pò èyí tó gbó, kò ka owó híhó òkúta asán kúrò lórí wúrà ọdún tó ń bọ̀, kò sì ka owó tí wọ́n máa fi tún ilẹ̀ ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ lè sọ pé áúnsì kan ń ná òun ní iye kékeré, kí àpò rẹ̀ sì máa gbẹ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, Ìgbìmọ̀ Wúrà Àgbáyé gbé ìlànà tuntun jáde, èyí tó kó gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn pọ̀: àpapọ̀ ìnáwó ìmúdúró. Ó jẹ́ iye tó ń ná ilé iṣẹ́ láti yọ áúnsì kan, kí ó sì tún lè yọ iye kan náà lọ́dún tó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìnáwó ló wà nínú rẹ̀. Owó orí lórí èrè kò sí níbẹ̀, èlé orí gbèsè kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó tí wọ́n fi ń kọ́ ibi ìwakùsà tuntun kò sí níbẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé bí owó wúrà bá bá ìnáwó ìmúdúró dọ́gba gẹ́lẹ́, ibi ìwakùsà yóò máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín kò ní rí èrè, kò sì sẹ́ni tó máa kọ́ òmíràn. Lábẹ́ rẹ̀ sì tún ni owó ojúmọ́ wà: bí owó wúrà bá wálẹ̀ ju ìnáwó ìmúdúró lọ àmọ́ tí kò tíì kan owó ojúmọ́, ọ̀gá ibi ìwakùsà lè sún tírọ́ọ̀kì tuntun síwájú, kí ó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ìnáwó ìmúdúró wà láàrin ibi tí wọ́n ti ń tilẹ̀kùn àti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ tuntun. Ìdí àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìtẹ́lẹ̀ yìí fi rọ̀.

Ìdí kejì wà nínú ìlà tí onímọ̀ òkúta ń fà, òun ló sì yẹ kí a fi ìṣirò wò. Ẹ jẹ́ kí a gbé ibi ìwakùsà kan kalẹ̀ fún àpẹẹrẹ. Lílọ tọ́ọ̀nù òkúta kan àti fífọ̀ ọ́ ń ná an ní 20 dọ́là. Nínú gíráàmù mẹ́wàá wúrà tó bá wọ ilé ìlọ̀, mẹ́sàn-án ló ń rí gbà. Áúnsì kan sì jẹ́ gíráàmù 31.1. Bí wọ́n bá ń fi 1,500 dọ́là ṣe ìṣirò lórí áúnsì kan, gíráàmù kan tó nǹkan bí 48 dọ́là. Tí a bá yọ ohun tó ń ṣòfò, ó ku nǹkan bí 43. Òkúta tó bá ti ní ìlàjì gíráàmù kan ti san owó ara rẹ̀ nìyẹn, nítorí ààlà wà ní 0.46. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ iye ìṣirò kalẹ̀ sí 1,100, ààlà á gun òkè lọ sí 0.63. Òkúta onílàjì gíráàmù tó jẹ́ ọrọ̀ lánàá ti di àdànù lónìí. Kò kúrò níbi tó wà. Ìlà ló kúrò lórí rẹ̀.

Irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ tún fà láti ọdún 2013. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, áúnsì kan ti sún mọ́ 1,900 dọ́là ní ọjà Lọ́ńdọ̀nù. Láàrin ọjọ́ ìṣòwò méjì, ọjọ́ 12 àti ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ó já wálẹ̀ ní ohun tó lé ní 150 dọ́là, kò sì tètè gbérí. Barrick Gold, ilé iṣẹ́ Kánádà tó ń wa wúrà jù lọ lágbàáyé nígbà náà, kó sínú ìdààmú. Lóṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ó dá iṣẹ́ dúró ní Pascua-Lama, ibi ìwakùsà ńlá tó ń kọ́ lórí òkè Áńdíìsì ní ààlà Ṣílè àti Ajẹntínà. Nígbà tí ọdún parí, ó sọ iye tó fi ń ṣírò wúrà inú ilẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ láti 1,500 dọ́là sí 1,100. Wúrà tí ó kà sí èyí tó ṣeé wà pẹ̀lú èrè bọ́ láti nǹkan bí 140 mílíọ̀nù áúnsì sí nǹkan bí 104 mílíọ̀nù. Òótọ́ ni pé ó ti wa díẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì ti ta díẹ̀, ṣùgbọ́n apá ńlá nínú ohun tó lọ ṣì wà nínú ilẹ̀. Kò kúnjú ìwọ̀n mọ́ ni.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìnáwó ìmúdúró ilé iṣẹ́ náà? Ní 2013, ó jẹ́ 915 dọ́là lórí áúnsì kan. Ní 2014, ó di 864. Ní 2015, nígbà tí owó wúrà wálẹ̀ dé nǹkan bí 1,050 ní oṣù Kejìlá, ó di 831. Ní 2016, ó di 730. Ẹni tó bá sọ ní 2013 pé ìtẹ́lẹ̀ Barrick wà ní 915 yóò rí i pé ìtẹ́lẹ̀ náà ti rì ní ohun tó ju 180 dọ́là lọ láàrin ọdún mẹ́ta. Owó wúrà kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ìtẹ́lẹ̀ ló ń sá fún un.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ibi ìwakùsà àpẹẹrẹ wa kí a lè rí bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ó ń lọ mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù òkúta lọ́dún, tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan sì ní gíráàmù 2 wúrà nínú. Ohun tó ń rí jáde jẹ́ nǹkan bí 57,900 áúnsì. Bí gbogbo ìnáwó ìmúdúró rẹ̀ bá jẹ́ 60 mílíọ̀nù dọ́là, áúnsì kan ná an ní nǹkan bí 1,037. Owó wúrà já dé 1,050. Onímọ̀ òkúta gbé ìlà rẹ̀ sókè, ó fi òkúta tí kò dára tó sílẹ̀, ilé ìlọ̀ sì ń gba òkúta oní-gíráàmù 2.5. Mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan náà ni wọ́n ń lọ̀, 60 mílíọ̀nù dọ́là kan náà ni wọ́n ń ná, ṣùgbọ́n áúnsì tó ń jáde ti di nǹkan bí 72,300. Ìnáwó orí áúnsì kan bọ́ sí 829. Kò sí ẹ̀rọ tuntun, kò sí òṣìṣẹ́ tó yára sí i. Ìlà nìkan ló yí padà.

Ọgbọ́n gidi ni, ó sì lè gba ibi ìwakùsà là. Ṣùgbọ́n ó dà bí àgbẹ̀ tó ń jẹ èbù iṣu nígbà ọ̀dá: inú ilé á yó, ohun tí wọ́n máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ á sì kéré. Òkúta oní-gíráàmù kan tí wọ́n fi sílẹ̀ lè di èyí tí wọn kò ní lè padà wá wà mọ́, pàápàá bí òkúta asán bá ti bò ó tàbí bí ògiri kòtò bá ti ṣubú lé e. Ọdún tí ibi ìwakùsà náà yóò lò láyé ti dínkù.

Kì í ṣe ìlà nìkan ló rẹ ìnáwó sílẹ̀ nígbà náà. Epo rọ̀ọ̀bì tó ju 110 dọ́là lọ lágbá kan láàrin ọdún 2014 ti wà lábẹ́ 40 nígbà tí 2015 ń parí, dísù sì ni tírọ́ọ̀kì ń mu. Owó àwọn orílẹ̀-èdè tó ń wa wúrà tún rọ̀ sí dọ́là. Ní Gúúsù Áfíríkà, dọ́là kan tó jẹ́ ráńdì méje sí mẹ́jọ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011 ti di nǹkan bí ráńdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní oṣù Kejìlá ọdún 2015. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: áúnsì kan ní ráńdì wọ́n lọ́jọ́ tí dọ́là sọ pé wúrà wà nísàlẹ̀ pátápátá ju bó ṣe wọ́n lọ́jọ́ tí dọ́là sọ pé ó dé òkè téńté. Awakùsà tó ń san owó òṣìṣẹ́ ní ráńdì kò rí ìṣubú tí gbogbo ayé ń sunkún lé lórí.

Ohun kan tún wà tó lè tan ni jẹ. Ní 2013, Barrick ta ibi ìwakùsà mẹ́ta ní Ọsirélíà fún Gold Fields ní 300 mílíọ̀nù dọ́là: Granny Smith, Lawlers àti Darlot. Bí ilé iṣẹ́ bá ta ibi tó ń ná an lówó jù, àròpín ìnáwó rẹ̀ á wálẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kòtò náà ṣì ń jẹ́ kòtò, wúrà rẹ̀ ṣì ń jáde. Ìnáwó náà kàn ti yí ìwé padà ni. Nítorí náà ẹni tó ń wá ìtẹ́lẹ̀ owó wúrà kò gbọ́dọ̀ wo ilé iṣẹ́ kan; ó yẹ kí ó to gbogbo ibi ìwakùsà lágbàáyé sí ìlà láti orí èyí tí ìnáwó rẹ̀ kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, kí ó sì wo àwọn tó wà ní ìparí ìlà yẹn.

Àwọn wọ̀nyẹn náà kì í tètè kú. Títi ibi ìwakùsà pa ń náni lówó: wọ́n á san ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, wọ́n á máa fa omi kúrò nínú ihò kí ó má baà rì, wọ́n á tún ilẹ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ máa ń yàn láti pàdánù díẹ̀ lóṣooṣù, kí wọ́n máa retí pé owó yóò gbérí. Bí wọ́n bá sì tì í pa lónìí, ọjà kò ní tètè mọ̀ ọ́n. Wúrà kì í ṣe epo tí a ń jó tán. Ní 2015, gbogbo wúrà tí ọmọ ènìyàn ti wà láti ìgbà láéláé, tó wà lọ́rùn, nínú báńkì àti nínú àpótí, ju 180,000 tọ́ọ̀nù lọ. Ohun tí gbogbo ibi ìwakùsà mú jáde lọ́dún náà kò ju nǹkan bí 3,200 lọ, kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Bí àwọn tó ní wúrà nílé bá fẹ́ tà, wọ́n lè rẹ owó náà sílẹ̀ kọjá ìnáwó ìwakùsà fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ṣé ìtẹ́lẹ̀ kankan wà nígbà náà? Ó wà, ṣùgbọ́n ọdún gígùn ló fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo ìparí ọdún 1990 sí 1999. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1999, ìjọba Bìrìtéènì kéde pé òun yóò ta púpọ̀ nínú wúrà òun, àwọn báńkì ńlá mìíràn sì ń tà pẹ̀lú. Ní oṣù Keje, áúnsì kan bọ́ sí 252.80 dọ́là, ó sì tún padà sún mọ́ ibẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2001. Ọ̀pọ̀ ibi ìwakùsà ló ń ṣiṣẹ́ láìsí èrè. Wọn kò tì pa lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n dín owó wíwá wúrà tuntun kù, wọ́n sì fi òkúta tí kò dára sílẹ̀. Láti ìgbà tí ẹnì kan bá kọ́kọ́ rí wúrà nínú ilẹ̀ dé ìgbà tí wọ́n bá yọ́ ọ̀pá àkọ́kọ́ lè ju ọdún mẹ́wàá lọ, nítorí náà àìwá tòní ni àìrí tọ̀la. Lẹ́yìn 2001, wúrà tí ayé ń wà jáde bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, ó sì ń dínkù títí dé 2008, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ ti ń gòkè látìgbà náà. Owó tó gòkè kò lè dá ibi ìwakùsà tí wọn kò kọ́ padà lóru mọ́jú. Ìwakùsà nìkan kọ́ ló gbé owó náà sókè, àwọn olùrà pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àìsí wúrà tuntun mú kí ẹni tó fẹ́ rà gbà lọ́wọ́ ẹni tó ti ní in, ẹni yẹn sì ń béèrè owó tó pọ̀.

Bí ìtẹ́lẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ó ń jẹ́ kí owó bọ́ sílẹ̀ kọjá òun, ó ń rì pẹ̀lú rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù kọ̀ọ̀kan tí owó bá lò nísàlẹ̀ ń gba díẹ̀ nínú wúrà ọjọ́ iwájú lọ. Gbogbo ìlà tí wọ́n gbé sókè ń kó jọ.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìnáwó tó wálẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó dára tàbí èbù tí wọ́n jẹ, ìwé ìròyìn ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lè sọ fún un. Kí ó kọ́kọ́ wo iye wúrà inú tọ́ọ̀nù kan tó wọ ilé ìlọ̀, kí ó fi wé àròpín ohun tó ṣì wà nínú ilẹ̀. Bí ilé ìlọ̀ bá ń jẹ gíráàmù 2.5, tí ilẹ̀ sì ní 1.8, a jẹ́ pé wọ́n ń jẹ èyí tó dùn jù ṣáájú. Kí ó tún wo iye òkúta asán tí wọ́n ń hó. Bí ó bá dínkù lójijì láìsí ìdí, òkúta tó bo wúrà ọdún méjì tó ń bọ̀ ṣì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè wọ́n, ìnáwó rẹ̀ yóò sì dé. Ṣùgbọ́n bí iye wúrà inú òkúta kò bá yí padà, tí híhó kò dínkù, tí ìnáwó sì wálẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣiṣẹ́: ó ti sún ìlà rẹ̀ tẹ̀lé òkúta tó ṣí, ó ti dá òkúta asán dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìlọ̀, ó ti fún katapílà ní okùn tó tọ́. Irú ìdínkù bẹ́ẹ̀ nìkan ló ń dúró.

Ìwé bẹ́ẹ̀ ti ń jáde láti ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Ní oṣù Keje ọdún 2021, ibi ìwakùsà Segilola lágbègbè Ìpèríndó nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, yọ́ wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́, Thor Explorations tó ni ín sì ń kéde ìnáwó ìmúdúró rẹ̀ fún àwọn olùdókòwò. Nígbà tí alágbàtà bá sọ fún yín pé wúrà kò lè wálẹ̀ ju iye kan lọ nítorí pé iye yẹn ni wọ́n fi ń wà á, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n ka iye náà, ẹ béèrè owó tí wọ́n fi ṣírò ààlà òkúta, kí ẹ sì béèrè bóyá òkúta tí wọ́n ń lọ̀ lónìí dára ju èyí tó kù lọ. Bí kò bá lè dáhùn mẹ́ta wọ̀nyí, ẹ má ṣe fi owó yín dúró lórí ìtẹ́lẹ̀ tó ń júwe.